Iye kan ya kúrò lára àwọn yòókù: ṣé kí n yọ ọ́ kí n tó kọ Orí Kẹrin?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo wọn ẹ̀gẹ́ lórí abala oko 16. Níbi tí mo da ìgbẹ́ adìyẹ sí, mo rí kílò 21, 22, 23, 24, 24, 25, 26 àti 51. Níbi tí mi ò da nǹkan kan sí, mo rí 18, 19, 19, 20, 20, 21, 21 àti 22. SPSS fi ìràwọ̀ sórí 51 yẹn. Tí mo bá yọ ọ́, iye p mi á dára. Súpáfáísọ̀ mi ní kí n yọ ọ́ kí n máa bá iṣẹ́ lọ. Ṣé kò séwu?

Ìdáhùn: Má tíì fọwọ́ kàn án. Ohun tí ìràwọ̀ yẹn ń sọ kò ju pé 51 jìnnà sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ohun tó gbé e jìnnà, SPSS ò mọ̀ ọ́n. Ìwọ lo máa wá a.

Ìwé tí o mú lọ sóko ni kí o kọ́kọ́ ṣí, kì í ṣe Excel. Bí ó bá jẹ́ 21 lo kọ níbẹ̀ tí o wá tẹ 51, tún un ṣe, ọ̀rọ̀ parí. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n da ẹ̀gẹ́ abala méjì pọ̀ sínú àpò kan kí wọ́n tó gbé e sórí òṣùwọ̀n, iye náà kì í ṣe ti abala yẹn mọ́. O lè yọ ọ́, kí o sì sọ ìdí. Àmọ́ tí o kò bá rí àṣìṣe kankan, ẹ̀gẹ́ gidi ni, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti wà níbẹ̀. Ti iye p tó máa dára yẹn, òun gan-an ni kò yẹ kó wà lára ìdí rẹ.

Ìbéèrè: Mo ti wò ó, sà. 51 ló wà nínú ìwé oko, òṣùwọ̀n ò sì ní àléébù. Ṣùgbọ́n bàbá tó ni ilẹ̀ sọ pé orí àkìtàn àtijọ́ ni abala náà bọ́ sí. Ṣé ìyẹn ò tó?

Ìdáhùn: Ó dà bíi pé ó tó, àmọ́ ẹ̀yìn ìgbà tí o rí 51 lo tó béèrè. Padà lọ bi bàbá nípa abala 15 tó kù. Bí àkìtàn bá wà lábẹ́ èyí tó mú 22 jáde pẹ̀lú, ìdí rẹ ti já. Bí ó bá sì jẹ́ òun nìkan, ìwọ ṣì ni o yan ilẹ̀ náà, kò sì sí nínú ètò rẹ ní Orí Kẹta pé o máa yọ abala tó bá bọ́ sórí àkìtàn. Ohun tí mo máa ṣe nìyí: máa fi í sílẹ̀ nínú ìṣirò àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kí o tún un ṣe láìsí i, kí o sì fi méjèèjì hàn. Nínú R:

```r
adiye <- c(21, 22, 23, 24, 24, 25, 26, 51)
lasan <- c(18, 19, 19, 20, 20, 21, 21, 22)
t.test(adiye, lasan)
t.test(adiye[adiye != 51], lasan)
wilcox.test(adiye, lasan)
```

Wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Pẹ̀lú 51, àròpín ìhà ìgbẹ́ jẹ́ 27, ó fi kílò 7 ju 20 ti ìhà kejì lọ, iye p sì jẹ́ 0.08. Láìsí i, àròpín wálẹ̀ sí 23.6, ìyàtọ̀ dín sí 3.6, síbẹ̀ iye p já sí 0.001. Iye kan ṣoṣo ló fẹ ìyàtọ̀ náà lójú tó sì tún fọ́n àwọn nọ́ńbà ká débi pé t-test ò rí nǹkan dì mú. Ìlà tó kẹ́yìn, tó ń lo ipò nọ́ńbà dípò iye wọn, kò yọ ẹnikẹ́ni, ó sì fún wa ní 0.002. (R á kìlọ̀ fún ọ pé àwọn iye kan dọ́gba. Má bẹ̀rù.) Èyí dùn mọ́ mi nínú ju yíyọ lọ.

Ìbéèrè: Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n yọ àròpín kúrò lára iye náà, kí n fi ìfọ́nká pín èyí tó kù, òun ni z; tí z kò bá ti kọjá 3, kì í ṣe iye tó ya kúrò. Ti 51 jẹ́ 2.44 péré.

Ìdáhùn: Pẹ̀lú nọ́ńbà 8, z kò lè dé 3 láé, kódà kí o kọ 5,000 sípò 51. Ibi gíga jù tó lè dé ni (n − 1)/√n, ìyẹn nǹkan bíi 2.47. Ìdí ni pé iye ńlá náà fúnra rẹ̀ ló ń fa àròpín sọ́dọ̀, tó sì ń wú ìfọ́nká tí a fi ń pín in. Òfin John Tukey ló dára fún iye kékeré báyìí: 22.75 àti 25.25 ni ìdá mẹ́rin ìsàlẹ̀ àti ti òkè, àlàfo wọn jẹ́ 2.5. Fi ìlọ́po 1.5 rẹ̀ kún 25.25, o dé 29. 51 ti kọjá rẹ̀ pátápátá.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa wá kọ ọ́?

Ìdáhùn: Inú abala èsì gan-an ni kí o fi sí, kì í ṣe ẹsẹ̀ ìwé, kì í ṣe àfikún ẹ̀yìn. Bí irú èyí:

«Abala oko kan lára àwọn tó gba ìgbẹ́ adìyẹ (kílò 51) kọjá ààlà Tukey, tí í ṣe 29. A yẹ ìwé oko àti òṣùwọ̀n wò, a kò rí àṣìṣe. Ẹni tó ni ilẹ̀ sọ pé orí àkìtàn àtijọ́ ló wà. A kò gbé òfin yíyọ kalẹ̀ ṣáájú, nítorí náà a fi í sílẹ̀ nínú ìṣirò àkọ́kọ́ (ìyàtọ̀ àròpín 7.0, p = 0.08; Wilcoxon, p = 0.002). Láìsí i, ìyàtọ̀ náà jẹ́ 3.6 (p = 0.001).»

Lábẹ́ tábìlì, kọ iye abala tó wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, 8 tàbí 7. Tí súpáfáísọ̀ bá ṣì tẹnu mọ́ yíyọ, fi ìpínrọ̀ yìí hàn án, kí o sì rọra bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ kí a kọ gẹ́gẹ́ bí ìdí.