Bánà ₦9,000 tí ẹnikẹ́ni ò rí kà

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ní kí n ya bí owó ṣe ń wọlé lọ́dọ̀ wọn àti bó ṣe ń jáde, kí wọ́n tó kó àkọsílẹ̀ wọn kúrò nínú ìwé lọ sórí kọ̀ǹpútà. Mo yà á. Ojú kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀ wà: àpótí 38 fún iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, ọfà 61 fún ìwé àti owó tó ń lọ láti ọwọ́ kan sí òmíràn. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí bánà, ₦9,000 láti àpò ara mi, mo gbé e kọ́ lọ́jọ́ ìpàdé. Màmá akápò yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wọ̀ ọ́. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, níbo ni owó mi wà nínú kiní yìí?" Èmi tí mo yà á, ó tó ìṣẹ́jú méjì kí n tó rí àpótí tiwọn.

Nígbà tí mo délé, ìbínú ni mo fi gé e sí mẹ́rin bí ẹní gé búrẹ́dì, apá òkè méjì, apá ìsàlẹ̀ méjì. Iṣẹ́ òfò gbáà. Ọfà 23 ló já sétí ìwé, ẹni tó bá ń tọ ọ̀kan lọ á máa wá ìyókù rẹ̀ kiri lórí tábìlì. Mo wá rí i pé iṣẹ́ ló yẹ kí n fi gé e, kì í ṣe ààyè. Mo kó àwọn àpótí tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ jù sọ́nà kan, wọ́n sì di márùn-ún: ìgbanisẹ́gbẹ́, owó ìfipamọ́, ẹ̀yáwó, ìsanpadà, èrè ìparí ọdún. Ọfà tó ń kọjá láàárín wọn ò ju 9 lọ. Àpótí ńlá márùn-ún yìí nìkan ló wà lójú ìwé àkọ́kọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ojú ìwé tirẹ̀ tó tú inú rẹ̀ palẹ̀. Tí àpótí ńlá bá jẹ́ 4, àwọn ọmọ inú rẹ̀ á jẹ́ 4.1, 4.2, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ò le.

Ohun tó jẹ mí lọ́jọ́ méjì gbáko ni àpótí 4, ìsanpadà. Òfin kan wà tí èèyàn ò gbọ́dọ̀ rú: ọfà tó wọ àpótí lójú ìwé òkè, tàbí tó jáde nínú rẹ̀, gbọ́dọ̀ wà lójú ìwé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú orúkọ kan náà, kò gbọ́dọ̀ lé, kò gbọ́dọ̀ dín. Mo ka tòkè: ọfà méjì ló wọlé, tẹ́là báńkì àti gbèsè tó kù. Mo ka tìsàlẹ̀: mẹ́ta. Ẹ̀kẹta ni ìwé owó tí ibi iṣẹ́ yọ nínú owó oṣù àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Lókè, ìwé yìí kan náà, inú àpótí 2, ìfipamọ́, ló wọ̀. Mo nu ọfà, mo tún un yà, mo tún kà. Ó ń ṣe mí bíi kí n fa ọfà kan lókè kí gbogbo ẹ̀ lè bára mu, kí n sì lọ sùn.

Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo pe akọ̀wé. "Ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n ń fún wa. Èmi ni mo máa ń fi bírò pín in: èyí fún ìfipamọ́, èyí fún gbèsè." Haa! Iṣẹ́ odidi kan rèé tí mi ò yà rárá, oṣooṣù ni baba yìí sì ń ṣe é. Lórí bánà, ọfà ìwé náà ti sá wọ àárín ọfà yòókù, kò sẹ́ni tó lè fura. Tí mo bá fi ọfà purọ́ ni, bí wọ́n ṣe máa kó o sórí kọ̀ǹpútà nìyẹn láìsí ibi tí wọ́n ti ń pín owó.

Mo fi pípín owó oṣù kún un. Mo kọ́kọ́ sọ ọ́ di 2 torí ó ṣáájú ìfipamọ́, ni gbogbo nọ́ḿbà tó tẹ̀ lé e bá yí, gbogbo ìsopọ̀ sì já. Mo dá a padà, mo pè é ní 6. Orúkọ lásán ni nọ́ḿbà, kò kan ẹni tó ṣáájú; ká ní mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni! Graphviz, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ya àpótí àti ọfà, ni mo fi yà á, ìlà kan ló so òkè mọ́ ìsàlẹ̀:

```dot
p4 [label="4. Ìsanpadà", URL="4.svg"];
```

Ẹni tó bá ṣí `0.svg`, ìyẹn ojú ìwé àkọ́kọ́, nínú bùráúsà, tó tẹ àpótí yẹn, ojú ìwé 4 á ṣí. Àmọ́ mo fi ránṣẹ́ sórí Wáàsáàpù bíi fọ́tò, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ títí, kò lọ síbì kankan. Fọ́tò ò gbé ìsopọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ "wá láti 6" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọfà tó ti ìta wọlé, kí ẹni tó mú bébà dání lè mọ ojú ìwé tó kàn.

Ìwé méje ni gbogbo ẹ̀, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ nílé. Màmá akápò fi ìka tọ ojú ìwé 4 láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n ká a, wọ́n fi sínú báàgì. Ojú ìwé 3, ẹ̀yáwó, ṣì ní àpótí 12, ọ̀rọ̀ onídùúró nìkan kó mẹ́rin níbẹ̀, ó sì yẹ kó ní ojú ìwé tirẹ̀. Mi ò tíì fọwọ́ kàn án. Bánà ọ̀hún ni wọ́n fi ń bo jẹnẹrétọ̀.