WooCommerce: oníbàárà Èkó ń rí owó gbígbé ọjà ti gbogbo Nàìjíríà

Oníbàárà yan Lagos nínú àdírẹ́sì, síbẹ̀ ₦5,500 ti gbogbo Nàìjíríà ló ń jáde dípò ₦2,500 ti Èkó. Mo pa iye náà rẹ́, mo tún un kọ, mo nu káàṣì. Pàbó.

Bí àwọn agbègbè tí à ń gbé ọjà lọ, `Shipping zones`, ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn ló fà á. Láti òkè ni WooCommerce ti ń kà wọ́n. Èyí tó bá kọ́kọ́ bá àdírẹ́sì mu ló máa mú. Nigeria ló wà lókè, Èkó sì wà nínú Nàìjíríà, kò jẹ́ dé ọ̀dọ̀ Lagos láéláé. Ẹ lọ sí `WooCommerce > Settings > Shipping`, ẹ fa Lagos gorí Nigeria.

Ó ku ti Ẹ̀pẹ́ àti Ìkẹjà, tí iye wọn kò lè dọ́gba. Kóòdù ìfìwéránṣẹ́ kò wúlò níbí, torí ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í kọ ọ́. Inú Lagos ni mo fi `Flat rate` méjì sí, mo fi orúkọ àdúgbò pè wọ́n, kí oníbàárà yan tirẹ̀. Àwọn kan á yan èyí tó dínwó o. Ẹ yẹ àdírẹ́sì wò kí ẹ tó fi àtẹ̀jíṣẹ́ “Ọjà yín ti wà lọ́nà” ránṣẹ́. Bí púlọ́gíìnì mìíràn bá ń ṣírò owó náà, ó lè yàtọ̀.