Háípáfáísọ̀ Oríṣi Kìíní àti Oríṣi Kejì: Èwo Ni Ó Bá Kọ̀ǹpútà Yín Mu?

Háípáfáísọ̀ ni ètò tí ó ń jẹ́ kí a dá kọ̀ǹpútà mìíràn sínú kọ̀ǹpútà kan, tí èyí tí ó wà nínú náà á sì ní Windows tàbí Linux tirẹ̀. Oríṣi kìíní, irú Proxmox VE, ni a ń fi sórí ẹ̀rọ gan-an láìsí Windows kankan lábẹ́ rẹ̀. Oríṣi kejì, irú VirtualBox, orí Windows tí a ti ń lò ni a ń fi í sí, nítorí náà ayálégbé ni: bí Windows bá dákú, òun náà á dákú.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kan ní Òṣogbo, tí àkọsílẹ̀ owó wọn wà nínú ètò àtijọ́ tí kì í ṣiṣẹ́ lórí ohun mìíràn ju Windows 7 lọ, tí wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kọ̀ǹpútà Windows 11 tí mẹ́mọ́rì rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 8. Oríṣi kejì ni ó yẹ wọ́n. Kí akọ̀wé fi VirtualBox sí i, kí ó dá Windows 7 sínú rẹ̀, kí ó sì fún un ní gígábáìtì 2. Bí ó bá fún un ní 6, Windows 11 fúnra rẹ̀ ni yóò máa wọ́lẹ̀. Kí ó má ṣe so Windows 7 náà mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé láti oṣù kìíní ọdún 2020 ni Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ rẹ̀ dúró.

Bí iṣẹ́ bá ń falẹ̀, kí ó wo ìsàlẹ̀ fèrèsé VirtualBox. Bí àwòrán ìjàpá aláwọ̀ ewé bá wà níbẹ̀, Hyper-V, háípáfáísọ̀ tí ó wà nínú Windows fúnra rẹ̀, ni ó ti gba iwájú, tí VirtualBox wá ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. A lè pa Hyper-V, ṣùgbọ́n àwọn ààbò kan nínú Windows gbára lé e. Bí àkọsílẹ̀ owó náà bá ṣì ń ṣí dáadáa, ẹ fi ìjàpá náà sílẹ̀.

Oríṣi kìíní di dandan nígbà tí àkọsílẹ̀ náà bá ní láti wà ní ṣíṣí tọ̀sán-tòru fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, láìsí ẹni tí ó jókòó tì í. Bí iná bá lọ tí ó sì padà dé lóru, VirtualBox sábà máa ń dúró de ẹni tí yóò wá tan án. Proxmox ní tirẹ̀, bí a bá ti yan `Start at boot`, tí a sì ti ṣètò ẹ̀rọ láti tan fúnra rẹ̀ bí iná bá dé, yóò gbé gbogbo kọ̀ǹpútà tí a dá sínú rẹ̀ dìde. Ṣùgbọ́n yóò nu gbogbo ohun tí ó wà lórí háàdì dísìkì tí a bá fi í sí, orí kọ̀ǹpútà mìíràn ni a sì ti ń darí rẹ̀. Nítorí náà, ilé tí ó ní kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ dán an wò lórí rẹ̀.

Kò sí èyí tí ó lè dáàbò bo fáìlì tí iná bá lọ lójijì. Bí ínfátà bá ti fẹ́ kú, kí olùlò VirtualBox yan `Save the machine state` kí ó tó pa kọ̀ǹpútà.