Èlé orí ìwé àti èlé gidi: ìṣirò tó yẹ kí àgbẹ̀ ṣe kó tó yáwó tàbí kó tó fowó pamọ́

Bí báńkì bá ní àwọn máa san èlé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún lórí owó yín, iye náírà ni wọ́n sọ. Wọn ò sọ iye àpò ajílẹ̀ tí náírà náà máa rà nígbà tí ọdún bá yípo. Èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni a ó pè ní èlé orí ìwé. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí ọ̀wọ́ngógó ọjà ti mú tirẹ̀ ni èlé gidi. Irving Fisher, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé bí méjèèjì ṣe so mọ́ra nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1896, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe ìṣirò náà:

```
1 + èlé gidi = (1 + èlé orí ìwé) ÷ (1 + ọ̀wọ́ngógó)
```

Ọ̀pọ̀ èèyàn kàn máa ń yọ ọ̀wọ́ngógó kúrò nínú èlé ni. Kò burú bí ọ̀wọ́ngógó bá kéré, àmọ́ bó bá pọ̀, ìyọkúrò máa ń ṣini lọ́nà. Ẹ wo Nàìjíríà: Àjọ Ìṣirò Ìjọba Àpapọ̀ kéde pé láàárín ọdún kan tó parí ní oṣù Kejìlá 2024, iye owó ọjà ti fi ìdá 34.80 lé sí i. Ká ní ẹnì kan fi ₦500,000 sí báńkì ní oṣù Kejìlá 2023, tí èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá 15. Ó gba ₦575,000. Ṣùgbọ́n ọjà tí ₦500,000 rà nígbà yẹn ti di ₦674,000. Ẹ fi 674 pín 575, ẹ ó rí 0.853. Agbára owó náà ti fi ìdá 14.7 dín kù. Ẹni tó kàn yọ ọ́ máa pè é ní 19.8. Ẹni tó kó tirẹ̀ sínú àpótí nílé pàdánù ìdá 25.8, nítorí náà báńkì ṣì sàn ju àpótí lọ, bí kò tiẹ̀ mú èrè wá.

Ní ti ẹni tó fẹ́ yáwó, ọ̀wọ́ngógó tó ti kọjá kọ́ ló ṣe pàtàkì, èyí tó ń bọ̀ ni. Ká ní àgbẹ̀ kan yá owó ọdún kan ní ìdá 30, tó gbà pé ọ̀wọ́ngógó máa dúró sí 34.8. Lójú rẹ̀, èlé gidi kò tó òdo, ìyẹn ni pé ó máa jèrè ìdá 3.6. Bí ọ̀wọ́ngógó ọdún yẹn bá wá jẹ́ 18, 1.30 ÷ 1.18 jẹ́ 1.102. Ó ti di gbèsè tó ń gba ìdá 10.2 gidi lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà kan ò yí padà nínú ìwé àdéhùn.

Ẹ ṣọ́ra o: ìdá 24.48 ni wọ́n kéde fún oṣù Kìíní 2025. Kì í ṣe pé ọjà dẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù kan. Àjọ náà ti yí ọdún ìpìlẹ̀ ìṣirò rẹ̀ sí 2024, ó sì ti tún òṣùwọ̀n àwọn ọjà inú rẹ̀ ṣe. Kò yẹ kéèyàn gbé nọ́ńbà méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láti sọ ohun tó ń bọ̀.

Ohun tó tiẹ̀ kan àgbẹ̀ jù ni iye owó irè oko tirẹ̀. Ẹ yá ₦600,000 ní ìdá 30, ẹ ó san ₦780,000. Ká ní àpò àgbàdo jẹ́ ₦60,000 lọ́jọ́ tí ẹ yá a, àpò mẹ́wàá nìyẹn. Bó bá di ₦80,000 nígbà ìkórè, kò tó àpò mẹ́wàá tí ẹ ó fi san án. Bó bá já sí ₦45,000, àpò mẹ́tàdínlógún àti díẹ̀ ni. Níbi tí àgbàdo bá ti wọ́lẹ̀ báyìí, èlé gidi yín jẹ́ ìdá 73, ohun yòówù kí ìjọba kéde.

Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ béèrè bóyá ti oṣù ni èlé náà tàbí ti ọdún. Bí ó bá jẹ́ owó oṣù mẹ́fà, èlé oṣù mẹ́fà àti ọ̀wọ́ngógó oṣù mẹ́fà ni kí ẹ fi ṣírò. Ẹ tún béèrè bóyá ayánilówó lè yí èlé padà láàárín àdéhùn. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ìṣirò lẹ́ẹ̀mẹta: bí ọjà bá ń gbówó lórí bó ṣe wà, bí ọ̀wọ́ngógó bá dín kù sí ìlàjì, àti bí irè tiyín bá já wálẹ̀. Bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́ nìkan ni ẹ ti lè san án, ẹ dín iye tí ẹ fẹ́ yá kù.

Olówó ìfipamọ́ ní tirẹ̀, tó bá rí i pé ọ̀wọ́ngógó ń rọlẹ̀ nígbà tí èlé ṣì ga, kó ti owó rẹ̀ mọ́ ọdún kan dípò ọgbọ̀n ọjọ́. Bí ọ̀wọ́ngógó bá ń gòkè, ọjọ́ kúkúrú ló dára, kó lè gba èlé tuntun nígbà tí báńkì bá fi kún un.