"Ibà" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan: bí a ṣe ń to àkójọ ọ̀rọ̀ ìṣègùn fún akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì

Ìyá kan gbé ọmọ wọ kíliníìkì n'Ìkòròdú, ó ní, "Ibà ń ṣe é." Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì yóò kọ sínú fáìlì? Ibà yẹn lè jẹ́ ara gbígbóná lásán, ó sì lè jẹ́ maléríà. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n l'Ẹ́dè Gẹ̀ẹ́sì. Bí àkójọ yín bá fi "ibà" síwájú méjèèjì, ìyá lè lọ ra oògùn maléríà ní kẹ́mísì fún ọmọ tí òtútù àyà ń bá jà.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látinú ìwé atúmọ̀. Ẹ jókòó síbi tí wọ́n ti ń bi aláìsàn léèrè, kí ẹ kọ ohun tí wọ́n ń sọ gẹ́lẹ́, láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ 40 ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ìtumọ̀ ni kí ẹ fi pín ìlà. Ìtumọ̀ kan, ìlà kan:

```
fever   | ara gbígbóná | 37.5°C sókè lábẹ́ abíyá
malaria | ibà ẹ̀fọn | àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀
```

Ẹ má ju "ibà" lásán nù o, òun làwọn èèyàn ń sọ. Ẹ fi òpó kẹrin sílẹ̀ fún un, kí ẹ sì kọ ìbéèrè tí nọ́ọ̀sì yóò bi tẹ̀ lé e: "Ìyá, ṣé ara rẹ̀ ló gbóná, àbí ẹ ti ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún un?"

Bí ẹ bá ti yàn, ẹ dúró tì í. Nínú àlàyé gìrì, ẹ kọ "ara gbígbóná", kì í ṣe "ibà". Níparí, ẹ wá "ibà" káàkiri fáìlì, kí ẹ tún èyí tó ṣì bọ́ sí àyè ara gbígbóná ṣe. Bí kọ̀ǹpútà ò bá rí ọ̀rọ̀ tí ojú yín ń rí, àmì ohùn ni kí ẹ fura sí: ó lè wọlé pọ̀ mọ́ lẹ́tà, ó sì lè wọlé lọ́tọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kí gbogbo yín lo kíbọọ̀dù kan náà.

Àyẹ̀wò àwọn ọ̀mọ̀ràn ló kàn. Dókítà tàbí agbẹ̀bí àgbà ló ni ìtumọ̀, onímọ̀ èdè ló ni àkọtọ́. Kí ẹnì kan má wọ oko ẹnì kejì. Ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn wọn, ẹ bo Gẹ̀ẹ́sì mọ́lẹ̀, kí ẹ ní kí nọ́ọ̀sì tí kò rí i rí dá Yorùbá yẹn padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Bó bá pe "ibà ẹ̀fọn" ní `fever`, ìlà yẹn ò tíì parí.

Àwọn ìyá ló kẹ́yìn. Ẹ má bi wọ́n pé, "Ṣé ó yé yín?" Ta ló máa dojú kọ nọ́ọ̀sì pé kò yé òun? Ẹ bi wọ́n pé, "Bí mo bá ní ara ọmọ yìí gbóná, kí lẹ máa ṣe nílé?" Bí ìyá kan bá dáhùn pé òun á fún un ní oògùn maléríà, ẹ fi "kò tíì túmọ̀ sí pé maléríà ni" kún àlàyé, kí ẹ kọ ọjọ́ àti ìdí sí i, kí ẹ sì lọ bi ìyá mìíràn.