Mótò ẹ̀rọ ìlọ mi yí sódì, owó ẹ̀ẹ̀mejì ni mo san kó tó padà bọ̀ sípò

Inú ṣì ń bí mi. Iṣẹ́ pé kí wáyà méjì gba ipò ara wọn, iṣẹ́ tí kì í gba wákàtí kan, ni mo san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Díẹ̀ ló sì kù kí n tún san owó pé kí wọ́n wá wé kọ́ìlì mótò tí nǹkan kan kò ṣe. Àwọn tó ń lọ gbodo lọ́dọ̀ mi gbé ẹrù wọn lọ sí ilé ẹ̀rọ mìíràn, àwọn kan nínú wọn kò sì tíì padà.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Wọ́n wá pààrọ̀ tiransífọ́mà àdúgbò wa. Nígbà tí iná dé, mo tan ẹ̀rọ, mo da àgbàdo sí ẹnu rẹ̀, àgbàdo kò wọlé. Ńṣe ló ń ta padà sókè sí mi lójú. Irin lílọ́ kan wà nínú ẹ̀rọ ìlọ tó ń ti ọkà lọ sáàárín ọlọ irin méjì. Tí ẹ̀rọ bá yí sódì, irin yẹn á máa ti ọkà padà sí ẹnu ibi tó ti wọlé ni. Mo wo bẹ́líìtì, mo rí i pé òdìkejì ló ń sá lọ. Mo ránṣẹ́ sí àwọn tó ń la pákó lẹ́yìn ọjà, wọ́n ní ayùn ńlá tiwọn náà ń yí sódì láti àárọ̀. Ìgbà yẹn ló yé mi pé kì í ṣe ẹ̀rọ mi ló bàjẹ́; àwọn tó so wáyà mọ́ tiransífọ́mà tuntun kò so ó bí ti tẹ́lẹ̀.

Iná ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní wáyà mẹ́ta tó gbé iná wá: pupa, yẹ́lò àti búlúù. Bí iná ṣe ń dé láti ara ọ̀kan sí èkejì ló ń sọ ọ̀nà tí mótò máa yí sí. Pààrọ̀ èyíkéyìí méjì nínú wọn, mótò á yí sí òdìkejì. Ṣùgbọ́n tí o bá sún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú ní ẹsẹ̀ kan, tí pupa bọ́ sípò yẹ́lò, tí yẹ́lò bọ́ sípò búlúù, tí búlúù bọ́ sípò pupa, kò sí ohun tó yí padà, nítorí pé bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn náà ni wọ́n ṣì wà. Méjì péré ni.

Oníná àkọ́kọ́ mọ ìyẹn. Ohun tí kò mọ̀ ló kó bá mi.

Mótò mi jẹ́ 7.5 kW, àwo ara rẹ̀ sì kọ 400 V △ / 690 V Y. Irú mótò bẹ́ẹ̀, sítátà tó ń fi sítáà gbéra tí yóò sì bọ́ sí dẹ́tà lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni wọ́n ń lò fún un, kó má baà fa iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Sítáà, èyí tí wọ́n kọ ní Y, ni kí ìdí kọ́ìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta so pọ̀ sójú kan; dẹ́tà, èyí tí wọ́n kọ ní △, ni kí ìdí ọ̀kan so mọ́ orí èkejì. Nítorí náà, wáyà mẹ́fà ló wọ inú àpótí orí mótò: U1, V1 àti W1 ní ìsàlẹ̀, W2, U2 àti V2 lókè. Oníná yìí ṣí àpótí náà, ó gbé wáyà U1 sí V1, ó gbé ti V1 sí U1, ó fi àwọn ti òkè sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Ó ní kí n tan án. Mótò gbéra, ó yí sí ọ̀nà tó yẹ. Ó gba owó rẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà, ó ń di irinṣẹ́ rẹ̀.

Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí sítátà fi ró “kà”, ó bọ́ sí dẹ́tà. Mótò bẹ̀rẹ̀ sí í kérora, ilẹ̀ ilé ẹ̀rọ ń gbọ̀n, òfálóòdù tó ń gé iná tí mótò bá fà jù sì já. A dúró kó tutù, a tún tan án, bákan náà: sítáà dára, dẹ́tà ń kérora, ó já. Ó ní mótò ti jóná, kí n lọ wé kọ́ìlì. Mo gbé imú sí àpótí, mi ò gbóòórùn fáníìṣì tó jóná rárá. Mo ní mi ò gbé e lọ síbì kankan. Inú mi dùn títí di òní pé mo kọ̀.

Bàbá oníná kan tó ti dàgbà ni mo wá lọ bẹ̀. Bí mo ṣe ròyìn pé sítáà dára, dẹ́tà ń kérora, ó ní, “Ìyá Ẹlẹ́rọ, ẹ fọkàn balẹ̀, mótò yín ò jóná.” Ó dé, ó fi mítà tó ń gbá wáyà mọ́ra sára wáyà tó ń gbé iná wọ sítátà, ó ní kí n tan án. Ní sítáà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba. Bó ṣe bọ́ sí dẹ́tà, pupa àti búlúù fò sókè, yẹ́lò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má fa nǹkan kan. Ó pa á kíákíá.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló fà á?” ni mo bi í. Ó fi ìka tọ́ U1 àti U2. Orí àti ìdí kọ́ìlì kan náà ni wọ́n. Kó tó di pé wọ́n fọwọ́ kàn án, tó bá ti bọ́ sí dẹ́tà, pupa wà ní U1, yẹ́lò wà ní U2, iná sì ń gba inú kọ́ìlì kọjá. Nígbà tí wọ́n gbé yẹ́lò wá sí U1 tí wọ́n sì fi U2 sílẹ̀, yẹ́lò wà lórí, yẹ́lò wà ní ìdí, kọ́ìlì yẹn kò rí iná gbà mọ́. Kọ́ìlì méjì yòókù ló ń gbé ẹrù mẹ́ta. Ní sítáà, ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n so pọ̀ sójú kan, ìdí nìyẹn tí àṣìṣe yẹn kò fi hàn níbẹ̀.

Bàbá yọ fíúsì, ó fi tésítà yẹ wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò, ó dá àwọn wáyà orí mótò padà sípò wọn àtijọ́. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá mo ní jẹnẹrétọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, òun sì ń yí ẹ̀rọ bó ṣe yẹ. Nítorí ìyẹn, kò fọwọ́ kan sítátà. Ibi tí iná ìta ti wọ ṣénjìófà ló ti fi pupa àti yẹ́lò pààrọ̀. Ká ní inú sítátà ló ti ṣe é, iná ìta á dára, jẹnẹrétọ̀ á wá máa yí sódì.

A ti yọ bẹ́líìtì kí a tó tan án. Ó tẹ̀ ẹ́, ó pa á lójú ẹsẹ̀, èmi ń wo fáànù ẹ̀yìn mótò bó ṣe ń rọra yí kó tó dúró. Ọ̀nà tó yẹ ni. A jẹ́ kó bọ́ sí dẹ́tà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba lórí mítà. Mo fi ọwọ́ ara mi dá bẹ́líìtì padà.

Tí wáyà mẹ́ta péré bá wọ orí mótò tìrẹ, o lè fi méjì pààrọ̀ níbẹ̀. Tó bá jẹ́ mẹ́fà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí àpótí náà. Kó lọ pààrọ̀ rẹ̀ níbi tí iná ti ń wọlé. Àwọn kan á ní kí o kàn gbé bẹ́líìtì kọ́ ara wọn. Bẹ́líìtì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń yí ẹ̀rọ lára ẹ́ńjìnnì díísù àtijọ́ gba ìyẹn. Èyí tó há sínú ihò púlì kò gbà á, ńṣe ló máa gé.

Lẹ́yìn náà ni mo ra ẹ̀ṣọ́ iná kékeré kan tí wọ́n ń so mọ́ wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tó ń mọ̀ tí wọn kò bá tẹ̀ lé ara wọn bó ṣe yẹ tàbí tí ọ̀kan bá kú. Bàbá jẹ́ kí wáyà tó ń pe kọ́ńtákítọ̀, ohun tó ń so iná mọ́ mótò nínú sítátà, gba inú rẹ̀ kọjá. Mo ní kó dán an wò lójú mi. Ó yọ fíúsì, ó mọ̀ọ́mọ̀ fi méjì pààrọ̀ lẹ́nu ṣénjìófà, ó dá fíúsì padà, mo tẹ bọ́tìnì. Sítátà kò dáhùn. Ó tún un ṣe, mo tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ gbéra.