Ẹ yé to kọ́lọ́ọ̀mù ṣíà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀: bẹ́ ẹ ṣe máa mọ àdánù tó lè bá owó ẹgbẹ́

Lẹ́yìn tí owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan fọ́n sínú ṣíà ni wọ́n ní ká kọ ìwé yìí fún ẹ̀yin akọ̀wé àti akápò. Bí wọ́n ṣe ń ra ṣíà, ẹ ti mọ̀ ọ́n, mi ò ní padà síbẹ̀.

Ẹ kó iye owó ṣíà kọ̀ọ̀kan jọ fún ọjọ́ ọjà 201, ìyẹn á fún yín ní ìyàtọ̀ 200, ní pásẹ́ǹtì o, kì í ṣe náírà. Ká ní lónìí ẹgbẹ́ ní 600,000 náírà nínú ṣíà báǹkì àti 400,000 nínú ṣíà sìmẹ́ǹtì. Owó tòní yẹn lẹ máa fi ṣírò ọjọ́ 200 náà pátá, bó tiẹ̀ ṣe oṣù tó kọjá lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Lọ́jọ́ tí báǹkì já 6 pásẹ́ǹtì tí sìmẹ́ǹtì sì gbéra 1 pásẹ́ǹtì, báǹkì gba 36,000 lọ, sìmẹ́ǹtì dá 4,000 padà, àdánù ọjọ́ yẹn jẹ́ 32,000. Ẹ fi ìyàtọ̀ báǹkì sí kọ́lọ́ọ̀mù B, ti sìmẹ́ǹtì sí C, láti ìlà 2 dé 201, kẹ́ ẹ wá tẹ ìwọ̀nyí; àdánù á máa ní àmì ìyọkúrò níwájú:

```
D2  =600000*B2+400000*C2
F1  =SMALL(D2:D201,10)
F2  =AVERAGEIF(D2:D201,"<="&F1)
```

Ẹ fa D2 dé D201. Ọjọ́ 10 nínú 200 ni 5 pásẹ́ǹtì. Ká ní ọjọ́ 10 tó burú jù kó 52, 44, 39, 35, 32, 29, 27, 25, 24 àti 22 ẹgbẹ̀rún lọ. VaR yín, ìyẹn Value at Risk, iye àdánù tí ọjọ́ burúkú ti ń bẹ̀rẹ̀, ni ìkẹwàá, 22,000, òun ló wà ní F1. Kì í ṣe òpin àdánù o, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni. Kẹ́ ẹ lè mọ iye tó máa lọ ní ìpíndọ́gba tí ọjọ́ burúkú bá wá dé lóòótọ́, ẹ ro àdánù ọjọ́ 10 náà pọ̀, ẹ pín 329,000 sí 10, ó jẹ́ 32,900, òun ni ES, ìyẹn Expected Shortfall, tó wà ní F2, òun sì ni kẹ́ ẹ kà fún ìpàdé.

Àṣìṣe tí mò ń rí ṣáá ni pé wọ́n á to kọ́lọ́ọ̀mù báǹkì láti orí èyí tó burú jù, wọ́n á tún to ti sìmẹ́ǹtì lọ́tọ̀, kí wọ́n tó wá ro wọ́n pọ̀. Ìkẹwàá báǹkì já 4 pásẹ́ǹtì, ìkẹwàá sìmẹ́ǹtì náà já 4, ni wọ́n bá kọ 40,000 síbi tó yẹ kí 22,000 wà. Ọjọ́ kan náà kọ́ ni méjèèjì já! Ẹ kọ́kọ́ ro ìlà ọjọ́ kọ̀ọ̀kan pọ̀, D nìkan lẹ lè tò, kódà ẹ ò nílò àtitò ọ̀hún, SMALL ti ṣe é. Ẹ wo kọ́lọ́ọ̀mù déètì: tí ìlà kan bá ní déètì méjì tó yàtọ̀ síra, ẹ ti bà á jẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá yọ owó èrè kúrò lára ṣíà, iye rẹ̀ á já, ẹ da èrè yẹn padà sórí iye náà tẹ́ ẹ bá ń ṣírò ìyàtọ̀ ọjọ́ yẹn nìkan, torí àdánù kọ́ nìyẹn. Ẹ má sì yọ ọjọ́ burúkú kankan dànù pé "kò lè ṣẹlẹ̀ mọ́". Ẹni tó fi 200 ọjọ́ tó ṣáájú oṣù kẹta ọdún 2008 ṣírò, nígbà tí ọjà ṣíà Nàìjíríà ń gòkè, á rí nọ́ńbà tó kéré, ọjà sì já wálẹ̀ láti oṣù yẹn. Oṣooṣù ni kẹ́ ẹ máa tún un ṣe, àti lọ́jọ́ kọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ra ṣíà tàbí tà á.